Ìdí tí àpótí ìparí àti káàdì kì í fi í hàn lórí fídíò lẹ́yìn tí a ti tẹ Save

Nǹkan méjì ni YouTube fi lé ẹni tó ń gbé fídíò síbẹ̀ lọ́wọ́ láti darí òǹwòran sí fídíò mìíràn. Ọ̀kan ni End screen, ìyẹn àwọn àpótí tó máa ń yọ ní ìparí fídíò, tí wọ́n ń fi fídíò tó kàn han òǹwòran tàbí tí wọ́n ń sọ fún un pé kó tẹ Subscribe. Èkejì ni Cards, ìyẹn káàdì kéékèèké tó ń yọjú ní igun òkè lápá ọ̀tún nígbà tí fídíò ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìṣòro tó máa ń tojú sú àwọn tó ni ikànnì ni pé wọ́n á to gbogbo rẹ̀ sínú YouTube Studio, wọ́n á tẹ Save, Studio á gbà á, síbẹ̀ nígbà tí fídíò bá dé òpin, wọn ò ní rí nǹkan kan.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Save kàn ń kọ ohun tí onífídíò fẹ́ sílẹ̀ ni. Ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí fídíò náà láti wò ó ni YouTube ń pinnu bóyá káwọn àpótí náà hàn, ó sì máa ń wo irú fídíò tó jẹ́, àwọn tí a ṣe é fún, àti ohun tí òǹwòran fi ń wò ó. Nítorí náà, kò yẹ kí èèyàn máa pa àpótí rẹ́ kó tún máa tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ìdí tí kò fi hàn wà níbòmíràn. Òdiwọ̀n àkókò pàápàá kì í sábà jẹ́ ìdí. Fídíò gbọ́dọ̀ gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 25, àpótí ìparí sì máa ń wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 20 tó gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Studio fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a kọjá ààlà yìí.

Ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni Audience, níbi tí YouTube ti ń béèrè bóyá àwọn ọmọdé ni a ṣe fídíò náà fún. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “Yes, it's made for kids”, àpótí ìparí àti káàdì kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí a tò wọ́n dáadáa tó. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ló bí ìlànà yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gba ìsọfúnni àwọn ọmọdé láìgba ìyọ̀ǹda òbí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni YouTube ti ń béèrè pé kí gbogbo ikànnì sọ èyí tó jẹ́ tọmọdé nínú fídíò wọn, tó sì ti yọ káàdì, àpótí ìparí àti ibi tí èèyàn ti ń kọ èrò rẹ̀ kúrò lára irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yìí kan ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ bó ṣe kan ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Oríṣi fídíò méjì ló ń ṣe: àlọ́ ìjàpá tó ń pa fáwọn ọmọdé pẹ̀lú àwòrán yíyà, àti àlàyé fáwọn òbí lórí bí wọ́n ṣe lè máa sọ Yorùbá sí ọmọ nílé. Fídíò òbí kan gùn ní ìṣẹ́jú 8 gééré, ó sì fi àpótí méjì síbẹ̀ láti 7:40 títí dé òpin. Gbogbo rẹ̀ ń hàn nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wọ Settings, ó tẹ Channel, ó lọ sí Advanced settings, ó sì sọ pé gbogbo ikànnì náà jẹ́ tọmọdé, nítorí àlọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí a bá yàn níbẹ̀ kì í ṣe fún fídíò tó ń bọ̀ nìkan, ó kan àwọn tó ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú, àyàfi èyí tí a bá ti dáhùn ìbéèrè náà lórí rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àpótí ṣe pòórá lára fídíò àwọn òbí nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fídíò náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kó padà sí Advanced settings, kó yan “I want to review this setting for every video”, kó wá máa ṣí fídíò àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì yan “No, it's not made for kids”. Lẹ́yìn náà, kó ṣí End screen fídíò kọ̀ọ̀kan wò, kó rí i pé àpótí ṣì wà níbẹ̀, kó sì tún un tò bí kò bá sí. Ó gbọ́dọ̀ fi àwọn àlọ́ sílẹ̀ sábẹ́ tọmọdé, nítorí ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an nìyẹn, mi ò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ nítorí àpótí méjì. Ohun tó lè ṣe níbẹ̀ ni kó máa fi ohùn ara rẹ̀ dárúkọ àlọ́ tó kàn kí fídíò tó parí. Nígbà mìíràn, YouTube fúnra rẹ̀ ló ń fi fídíò sábẹ́ tọmọdé. A ó rí i kà nínú Content, lábẹ́ Restrictions, a sì lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Bí ọ̀rọ̀ ọmọdé kò bá sí níbẹ̀, ká wo bí fídíò ṣe dúró. Fídíò olóòró tàbí onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tí kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ, tí a bá gbé sórí YouTube láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ti di Shorts, ìyẹn fídíò kúkúrú YouTube. Aránṣọ kan lọ́jà Ọba tó gbé fóònù dúró lóòró tó sì ya bí a ṣe ń gé búbà fún ìṣẹ́jú 2 ti ṣe Shorts láìmọ̀, àpótí ìparí kì í sì í hàn níbi tí a ti ń wo Shorts. Kó gbé fóònù níbùú nígbà tó bá ń yà á, tàbí kó lo àyè tí wọ́n ń pè ní Related video láti fi so Shorts náà mọ́ fídíò rẹ̀ tó gùn.

Ti káàdì tún ní tirẹ̀. Nígbà tí àpótí ìparí bá wà lójú, káàdì kì í yọjú. Nínú fídíò olùkọ́ wa, káàdì tí a bá fi sí 7:45 ti sọnù; kó gbé e lọ sí 7:20. Òǹwòran pẹ̀lú lè ti pa káàdì nínú Settings tirẹ̀ lábẹ́ Playback and performance, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan lè máà rí i nígbà tí àwọn mìíràn ń rí i. Àpótí tàbí káàdì tó tọ́ka sí fídíò tí a ti parẹ́ tàbí tí a ti sọ di Private kò wúlò fún òǹwòran kankan.

Kí a tó parí èrò sí pé àpótí kò hàn, ká má ṣe gbára lé ohun tí a rí nínú Studio. Ká ṣí fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Incognito, láìwọ àkáǹtì wa, ká fà á lọ sí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó gbẹ̀yìn, ká sì jẹ́ kó lọ títí tó fi parí. Bó bá hàn níbẹ̀ tí kò hàn lórí fóònù wa, fóònù tàbí ètò orí rẹ̀ ni ká yẹ̀ wò. Bí kò bá hàn níbẹ̀ rárá, Audience ni ká kọ́kọ́ padà sí.