Bí pírọ́sítéètì ṣe tóbi tó kọ́ ló ń sọ bí wàhálà ẹ̀ ṣe pọ̀ tó

Tí àwọn bàbá bá ti ibi sikáànù dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò nínú ìwé yẹn ni nọ́ńbà tó sọ bí pírọ́sítéètì wọn ṣe tóbi tó. Tí wọ́n bá rí 85 níbẹ̀, àyà wọn á já, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀, tó bá sì jẹ́ 32 ni, wọ́n á ní ṣebí kékeré náà ni, wọ́n á ká ìwé yẹn sínú àpò, ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an torí ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀rù ló ń sáré kiri, ẹni tó yẹ kó sáré ló jókòó sílé.

Ẹ wò ó, abẹ́ àpò ìtọ̀ gan-an ni pírọ́sítéètì wà, àárín ẹ̀ ni ihò tí ìtọ̀ ń bá jáde gbà kọjá. Tí ọkùnrin bá ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ kì í sábà ju bíi 20 sí 25 mílílítà lọ, àmọ́ tó bá ti kọjá 40 ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ìdàgbà yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í yí padà di jẹjẹrẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó ń dàgbà sí ni kókó ọ̀rọ̀. Tó bá ń fẹ̀ síta, ó lè tóbi gan-an kí ihò ìtọ̀ sì ṣì wà ní ṣíṣí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé apá àárín ẹ̀ ló wú sókè wọnú àpò ìtọ̀, bó ti wù kó kéré tó, nígbà tí àpò ìtọ̀ bá fún ara ẹ̀ pọ̀ kí ìtọ̀ lè jáde, ẹran yẹn á wá dé ẹnu ihò náà bí ìdérí ìgò. Ìka tí dọ́kítà ń fi yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí kò sì lè kan apá ibẹ̀ yẹn. Iṣan tó wà nínú pírọ́sítéètì fúnra ẹ̀ náà tún lè le kó fún ihò yẹn pa, ìyẹn ò sì ní hàn nínú nọ́ńbà sikáànù rárá.

Ká mú bàbá méjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ẹni ọdún 61, pírọ́sítéètì tiẹ̀ 32 mílílítà. Tó bá dúró láti tọ̀, á dúró títí kó tó jáde, á máa fi agbára tì í, á ṣe tín-ín-rín, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀, tó bá kúrò níbẹ̀ kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ á tún fi máa gbọ̀n ọ́n, ó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru. Ìwé ìbéèrè kan wà tí dọ́kítà máa ń fún èèyàn, ìbéèrè 7 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 5, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 35. Tó bá jẹ́ 7 sísàlẹ̀, ó fúyẹ́, 8 sí 19 wà láàárín, 20 sókè ti le. Bàbá yìí gba 22. Wọ́n ní kó tọ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ń yára jáde, ibi tó yára dé kò ju mílílítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọ̀nà ẹ̀ là dáadáa sábà máa ń kọjá 15 (ẹ má lọ tọ̀ kí ẹ tó débẹ̀ o, tí ìtọ̀ yẹn ò bá tó 150 mílílítà, àbájáde ẹ̀ ò ṣeé gbára lé). Lẹ́yìn tó tọ̀ tán, wọ́n tún sikáànù àpò ìtọ̀, wọ́n bá 280 mílílítà tó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Èmi o, ká ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo lè bèèrè, èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ni màá bèèrè.

Bàbá kejì jẹ́ ẹni ọdún 74, tiẹ̀ 85. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dìde lóru, máàkì ẹ̀ 6, ìtọ̀ ẹ̀ ń jáde dáadáa, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó tọ̀ tán kò ju 30 lọ. PSA, ìyẹn èròjà kan láti inú pírọ́sítéètì tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, tiẹ̀ jẹ́ 5.2, ọmọ ẹ̀ ti ń sunkún torí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 4. Àmọ́ pírọ́sítéètì tó bá tóbi máa ń tú PSA tó pọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò inú ìtọ̀ náà máa ń gbé e sókè. Dọ́kítà ò ní fojú fo nọ́ńbà yẹn o, á fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, á tún tẹ́ẹ̀sì náà ṣe, àmọ́ nọ́ńbà yẹn nìkan ò sọ pé jẹjẹrẹ ni. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, bàbá yìí lè má nílò oògùn kankan, kó kàn máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Bàbá àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà fún. Wọ́n fún un ní tamsulósìn 0.4 mílígíráàmù, ọ̀kan lójúmọ́. Oògùn yìí kì í sọ pírọ́sítéètì di kékeré, iṣan ibẹ̀ ló ń dẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó lè jẹ́ kí ojú èèyàn ṣú tó bá dìde lójijì, ó sì lè jẹ́ kí àtọ̀ dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀pọ́réṣọ̀n kataráátì gbọ́dọ̀ sọ fún dọ́kítà ojú pé òun ń lò ó. Oògùn kejì, finasitéráìdì 5 mílígíráàmù, òun ló ń sọ ọ́ di kékeré, ó máa ń dín bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ kù, àmọ́ ó lè gba oṣù mẹ́fà, pírọ́sítéètì tó ti tóbi ló sì wúlò fún. Tí wọ́n bá fún ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 32 ní èyí, ẹ sọ fún mi, kí ló fẹ́ dín kù níbẹ̀? Ẹni tó bá ń lò ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tó bá fẹ́ ṣe PSA, torí ó máa ń gé e sí ìdajì lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, tí ìwé bá sọ pé 3, bíi 6 ni kí ẹ kà á sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bàbá àkọ́kọ́ ní ó sàn díẹ̀, àmọ́ 260 ṣì ṣẹ́ kù nínú àpò ìtọ̀, sikáànù sì ti fi hàn pé apá àárín yẹn ló wú wọlé. Wọ́n wá bá a sọ̀rọ̀ ọ̀pọ́réṣọ̀n. Wọn ò ní la ikùn ẹ̀, ojú ihò ìtọ̀ ni wọ́n máa gbà wọlé, wọ́n á ha ẹran tó dí ọ̀nà kúrò, á wà lórí rọ́bà ìtọ̀ fún bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ìbẹ̀rù ẹ̀ ni pé ọkùnrin òun á kú. Kíkú ọkùnrin kì í sábà ṣẹlẹ̀ níbi ọ̀pọ́réṣọ̀n yìí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ni pé àtọ̀ á máa padà sẹ́yìn sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde, adùn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí títóbi ti wúlò gan-an nìyí, òun ni dọ́kítà fi ń mọ oògùn tó máa bá èèyàn mu àti irú ọ̀pọ́réṣọ̀n tó máa ṣe, torí pírọ́sítéètì tó bá ti tóbi kọjá bíi 80 sábà máa ń gba ọ̀nà mìíràn, bóyá lésà tàbí kí wọ́n là á. Èèpo ẹ̀yìn pírọ́sítéètì sì máa ń ṣẹ́ kù, ẹni tó ti ṣe ọ̀pọ́réṣọ̀n yìí ṣì lè ní jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, kó má pa àyẹ̀wò tì.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni bàbá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Àwọn èèyàn á ní ọjọ́ ogbó ni. Ó lè jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ẹ̀ ti kún dẹ́nu, kò ro ó lára, ìtọ̀ wá ń ṣàn kọjá, èyí tó kún yẹn sì lè máa ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo kíndìnrín àti sikáànù lẹ́yìn ìtọ̀ ló máa sọ ọ́, kí wọ́n ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tí ìtọ̀ bá sì há mọ́ pátápátá tí ikùn ń ro, họ́sípítù lójú ẹsẹ̀ ni, kí wọ́n fi rọ́bà fà á. Bàbá kejì tí ara ẹ̀ dá náà lè bá ara ẹ̀ níbẹ̀ tó bá lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn tó ń dá imú dúró, torí àwọn kan nínú ẹ̀ máa ń fún iṣan ẹnu àpò ìtọ̀ pa, kó bèèrè lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì kó tó gbé e mì.