Ọ̀rọ̀ kó tó kan abẹ́rẹ́: ìbéèrè yín lórí ẹni tára rẹ̀ ò balẹ̀ ní pàjáwìrì

Fọ́ìsì kan ń káàkiri lórí Wátsáàpù láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, ó ní àwọn dókítà ò ní fún ẹni tó ń ṣe wàhálà ní pàjáwìrì lábẹ́rẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù. Ó ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ṣé lóòótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ ti tán?

Rárá o. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kàn ṣíwájú ẹ̀.

Ṣé àṣẹ tuntun ni?

Kì í ṣe tuntun. Àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2012, ìlànà tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2015 náà sọ ohun kan náà.

Ẹni tó ń pariwo, tó ń fọ́ nǹkan, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìṣe jù, ìyá ń sunkún lápá kan, ẹ̀gbọ́n ń bú u, nọ́ọ̀sì ní kó jókòó, ọlọ́dẹ ti ń nawọ́ sí i, orí tó ti dàrú tẹ́lẹ̀ á wá dàrú pátápátá. Ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ á fi tó ìwọ̀n apá méjì sílẹ̀ láàárín wọn, kò ní dúró dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, á jẹ́ kọ́wọ́ òun méjèèjì hàn kó lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Á sọ orúkọ ara ẹ̀, á ní "Bàbá, èmi ni nọ́ọ̀sì, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?", á wá dákẹ́. Tí kò bá gbọ́, kó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ yẹn, láìpariwo, kódà tó bá di ìgbà mẹ́wàá. Tí bàbá bá ní àwọn kan ń lé òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì purọ́ pé ẹ rí wọn. "Mi ò rí wọn o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín." Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní nǹkan tó lè yàn: ṣé ẹ máa mu omi, ṣé oògùn mímu lẹ fẹ́ àbí abẹ́rẹ́? Ó sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 5 sí 10, kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fún un lábẹ́rẹ́ kó sùn, kí gbogbo wa sinmi?

Torí pé ariwo yẹn lè jẹ́ àmì àìsàn míì. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá ẹni 58 ọdún kan, wọ́n gbé e dé láti ọjà Kétu, òógùn bò ó, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ṣépè, ọmọ ẹ̀ ní "bàbá ti ya wèrè". Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi jókòó, ó na ìka kan sílẹ̀ fún un, wọ́n yẹ súgà wò: 0.38 gíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti wọ abẹ́ 0.70 ti lọ sílẹ̀ jù. Ìgbà yẹn lọmọ wá rántí pé bàbá lo oògùn ìtọ̀ súgà láàárọ̀, kò sì jẹun. Wọ́n fa omi súgà sí i nínú iṣan, kò pẹ́ tó fi ń béèrè fìlà ẹ̀. Ká ní abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n kọ́kọ́ gún un, á dákẹ́, gbogbo èèyàn á rò pé ó ń sinmi, súgà yẹn á máa wá sílẹ̀ títí ọpọlọ á fi bàjẹ́ tàbí kó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni pálú tó ti wọ ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń mu sódábì lójoojúmọ́ tó wá dá a dúró lójijì, ọjọ́ kejì sí ìkẹta lorí á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Tó bá fa ọ̀bẹ yọ ńkọ́?

Kò sí ẹni tó máa dúró ka ìṣẹ́jú 10 nígbà yẹn. Wọ́n á kó àwọn tó kù jáde, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á dì í mú, wọn ò ní dà á dojú bolẹ̀ torí pé èémí lè há. Abẹ́rẹ́ wá dé, halopẹridọ́ọ̀lù pẹ̀lú pirometasíìnì, tàbí lorasẹpáàmù nìkan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ni ẹ̀yìn abẹ́rẹ́: kẹ́nì kan máa wo èémí ẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀, ó kéré tán ní wákàtí wákàtí, tó bá sùn fọnfọn tàbí tó ti mutí, ní ìṣẹ́jú 15 15. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń wò ó.

Àbúrò mi ni, ṣé ká dè é lókùn ká tó gbé e wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dè é. Okùn tó le á dá ẹ̀jẹ̀ dúró lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n dè tí wọ́n sì dojú ẹ̀ dé ilẹ̀ ọkọ̀ lè má mí délé ìwòsàn. Ẹni tó fọkàn tán jù nínú ilé ni kó bá a jókòó lọ́kọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, kẹ́ ẹ rántí ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, ìgbà tó mutí kẹ́yìn, bóyá ó ṣubú forí gbá nǹkan. Tí kò bá ṣe irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, tó jẹ́ pé àná tàbí òní ló bẹ̀rẹ̀, pàápàá tára ẹ̀ bá gbóná, èyí ló bà mí lẹ́rù jù, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ súgà àti pálú wò lójú ẹsẹ̀.