Kí ló dé tí owó oṣù àkọ́kọ́ kò bá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mu?

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà. ₦300,000 lóṣù ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi sọ: ₦150,000 owó iṣẹ́ gan-an, ₦75,000 owó ilé, ₦45,000 owó ọkọ̀, ₦30,000 owó oúnjẹ. Ìdajì oṣù ni mo ṣe, nítorí náà ₦150,000 ni mo ń retí, àmọ́ ₦106,588 ni mo rí nínú áláàtì. Ìwé owó oṣù náà fi hàn pé wọ́n yọ ₦10,800 fún pẹ́ńṣọ̀n àti ₦32,612 fún PAYE. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni? Báwo ni kí n ṣe kọ ímeèlì sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò ní dà bíi pé mo ń wá ìjà?

Ìdáhùn: Ẹ̀tọ́ wà nínú ohun tí wọ́n yọ, àṣìṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí ẹni tó bá kọ̀wé pé owó òun kò pé lásán, èsì tí yóò gbà ni pé owó orí ló gbé e lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Iye tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà jẹ́ iye kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ti pẹ́ńṣọ̀n yín tọ́. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, lórí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Mẹ́ta yẹn jẹ́ ₦135,000 fún ìdajì oṣù, ìdá mẹ́jọ rẹ̀ sì ni ₦10,800. Tiyín náà ni owó yẹn, ó wà ní ìpamọ́ fún yín.

Owó orí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, kó tó di ìdá méjìdínlógún. Ẹni tó ń gba ₦300,000 lóṣù ń gba ₦3,600,000 lọ́dún. Tí ẹ bá yọ pẹ́ńṣọ̀n ọdún kan, ₦259,200, kúrò, ó ku ₦3,340,800. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦391,344 lọ́dún. Ẹ pín in sí méjìlá, yóò fún yín ní ₦32,612 géérégé.

Ìyẹn ni pé owó orí odidi oṣù ni wọ́n yọ lára owó ìdajì oṣù. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n ti fi owó ọdún yín sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá dín owó oṣù kù láìtún owó orí ṣírò. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí ₦150,000 tí ẹ gbà, ₦10,880 ni ìbá jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn á kàn pín ₦32,612 sí méjì, ₦16,306. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ₦32,612 ti pọ̀ jù.

Ẹ tètè kọ̀wé, torí ó pẹ́ tán, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san PAYE oṣù Kẹfà fún ìjọba ìpínlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, àtúnṣe rọrùn fún wọn. Ẹ so lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé owó oṣù mọ́ ímeèlì náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ní ọ́fíìsì yín, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó lọ nìyí:

> Àkòrí: Ìbéèrè lórí PAYE oṣù Kẹfà
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dúpẹ́ fún owó oṣù Kẹfà tí mo rí gbà. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo wọṣẹ́, ₦150,000 tí ẹ kọ fún ìdajì oṣù àti ₦10,800 ti pẹ́ńṣọ̀n sì yé mi. ₦32,612 ti PAYE ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀, torí ó bá owó orí odidi oṣù mu lórí ₦300,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, ṣé ẹ lè dá ìyókù padà pẹ̀lú owó oṣù Keje? Ẹ ṣeun.

Ẹ rí i pé ìbéèrè kan péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye kan tí wọ́n lè lọ wò. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń san owó ilé, ẹ bi wọ́n bákan náà, nínú ímeèlì mìíràn, bí ẹ ṣe máa fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Òfin tuntun gbà kí wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan, tí kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ, kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé.

Láti oṣù Keje, tí ẹ ó ṣe odidi oṣù, ₦245,788 ló yẹ kó máa wọlé. Bí wọ́n bá gbà láti dá ₦21,732 tó lé padà, áláàtì oṣù Keje yẹ kó jẹ́ ₦267,520.