Àsínpọ̀ ni, kì í ṣe àkànpọ̀

Ara mi máa ń bù máṣọ bí mo bá rí 'síríà fáàbù' nínú ìwé tí Yorùbá kọ fún Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tẹ̀ léra nínú gbólóhùn kan láìsí 'sì' láàárín wọn, bíi 'mú' àti 'wá' nínú 'Ó mú owó wá'. 'Àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe' sàn díẹ̀, àmọ́ a ti fi àkànpọ̀ fún gbólóhùn tí 'sì' tàbí 'àmọ́' wà láàárín rẹ̀. Àsínpọ̀ ni èmi ń pè é, bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀: okùn kan ṣoṣo ló gba inú gbogbo wọn kọjá. Olùwà kan, àsìkò kan, 'kò' kan. Wọ́n ní orúkọ lásán ni mò ń jà lé lórí. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ná.

'Ó mú owó wá.' Aláàkànpọ̀ á kọ ọ́ bíi pé ó mú owó, ó sì wá. Owó ọ̀hún dà? Ó lè ti ná an tán lọ́nà! Bíríǹgì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe mú-wá, ọ̀rọ̀ kan péré, ó parí.

Ohun tí mo fi ń dán an wò kò ju pé kí n ti 'ó sì' bọ àárín wọn. Bí ìtumọ̀ bá yí, mi ò ní pín in. 'Ó lù ú pa' kì í ṣe 'Ó lù ú, ó sì pa á', torí ó lè lù ú lánàá kó tó yìnbọn fún un lónìí. Lílù nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì á fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀. 'Pa' á di àpólà kékeré tó ń sọ pé lílù náà já sí ikú.

'Ó ra ẹran sè jẹ' yàtọ̀. Ti 'ó sì' bọ̀ ọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́ púpọ̀, nítorí náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Àyàfi bó bá jẹ́ pé ohun tó jẹ ni wọ́n ń béèrè. Jíjẹ nìkan ti tó nígbà náà.

Ibi tó ti ń le ni 'kò'. 'Kò ra ẹran náà sè jẹ, ńṣe ló rà á tà.' Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà kò ra ẹran rárá, tí gbólóhùn rẹ̀ sì wá ń ta ko ara rẹ̀, nítorí kí ló wá tà? Rírà ṣẹlẹ̀, sísè àti jíjẹ ni kò ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, 'kò' kan wà níwájú, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń fi èyí tó kàn hàn. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó o yàn án fúnra rẹ: fi rírà sílẹ̀ láìsí 'kò', kó o gbé 'kò' lọ síwájú sísè. Ní ti 'rà á tà', ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo wà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó túmọ̀ sí títún-ọjà-tà.