Ìdí tí agbára òòfà fi tẹ́jú láàárín kọ́ìlì méjì

Ọ̀pọ̀ àlàyé nípa kọ́ìlì Helmholtz, ìyẹn kọ́ìlì wáyà méjì tó dọ́gba tí a gbé kojú ara wọn, ló ń sọ pé agbára òòfà tẹ́jú láàárín wọn nítorí pé bí ti ọ̀kan ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ti èkejì ń gòkè. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Kọ́ìlì méjèèjì tó bá dọ́gba, tí iná ń yí inú wọn sí ìhà kan náà, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbedeméjì, ì báà sún mọ́ra, ì báà jìnnà. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ìdí tí àlàfo wọn fi gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú rédíọ̀sì, ìyẹn ìwọ̀n láti àárín kọ́ìlì dé etí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí òkìtì yanrìn tí wọ́n wà jọ létí ọ̀sà ní Ìkòròdú mọ̀ pé orí rẹ̀ rí roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín orí àti ẹsẹ̀, ibì kan wà tó dà sísàlẹ̀ gbọọrọ láìtẹ̀ rárá. Bí agbára òòfà kọ́ìlì kan ṣe rí lórí ìlà àárín rẹ̀ nìyẹn:

```
B = μ0·N·I·R² / (2(R² + x²)^(3/2))
```

B ni agbára òòfà, N ni iye ìyípo wáyà, I ni iná, R ni rédíọ̀sì, x ni ìwọ̀n láti àárín kọ́ìlì lórí ìlà náà, μ0 sì jẹ́ òǹkà tí kì í yí padà. Ibi tó nà gbọọrọ náà bọ́ sí x = R/2 gẹ́lẹ́. Bí àlàfo bá wá jẹ́ R, agbedeméjì yóò jẹ́ R/2 sí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ tó ń sọ̀ yóò sì pàdé èyí tó ń gòkè. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, orí roboto méjèèjì á para pọ̀ di òkè; bí wọ́n bá jìnnà jù, ẹsẹ̀ ni yóò pàdé, àfonífojì á sì wà láàárín. Ọgbọ́n ibẹ̀ wù mí: a kò fi wáyà kún un, àlàfo nìkan la yàn.

Ká ní rédíọ̀sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ní ìyípo wáyà 130, tí iná ámpíà 1 sì ń gba inú wọn. Agbára òòfà ní agbedeméjì yóò jẹ́ nǹkan bí mílítẹ́sílà 0.78. Bí a bá rìn ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 kúrò níbẹ̀ lórí ìlà àárín, ohun tó dín kò tó ìdá kan nínú 8,000, nítorí pé àṣìṣe tó kù ń tẹ̀lé (d/R)⁴, tí d jẹ́ ìwọ̀n láti agbedeméjì, èyí tó kéré gan-an nígbà tí d bá kéré. Ṣùgbọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, níbi tí kọ́ìlì fúnra rẹ̀ wà, ó ti dín ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Ìtẹ́jú náà kò gba gbogbo àlàfo.

Bí a bá so kọ́ìlì kan ní òdì, agbára méjèèjì á pa ara wọn run ní agbedeméjì, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí a gbé síbẹ̀ kò sì ní yí kúrò ní àríwá nígbà tí a bá tan iná. Àṣìṣe kejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ: àlàfo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ láti àárín ìdìpọ̀ wáyà kan dé àárín ìkejì, kì í ṣe láti etí inú. Bí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹni tó fi etí inú wọn sẹ̀ǹtímítà 15 ti gbé wọn sí 17, òǹkà rẹ̀ ní àárín yóò sì kéré díẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.