Ọ̀nà Tí Ojúkò Ìwúwo Ń Tọ̀ Nígbà Tí Ọta Àgbá Bá Bú Gbàù Lójú Ọ̀run

Bí ọta àgbá bá fọ́ lójú ọ̀run, àwọn àfọ́kù rẹ̀ a tú ká: òmíràn a já bọ́ sísàlẹ̀, òmíràn a fò lọ síwájú. Síbẹ̀, ojú kan wà láàárín gbogbo wọn tí kì í yà kúrò lójú ọ̀nà tó ti ń tọ̀ kí ẹ̀tù tó gbiná. Ojú yìí ni ojúkò ìwúwo. Kò pọn dandan kí ohunkóhun wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òfúrufú lásán.

Bí a bá so ẹrù kílò 2 mọ́ orí kan ọ̀pá fífúyẹ́, tí a sì so kílò 4 mọ́ orí kejì, ibi tí a ti lè fi ìka kan gbé ọ̀pá náà láìjẹ́ pé ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ojúkò ìwúwo ẹrù méjèèjì. Yóò sún mọ́ èyí tó wúwo jù, débi pé jíjìnnà rẹ̀ sí kílò 2 yóò jẹ́ ìlọ́po méjì jíjìnnà rẹ̀ sí kílò 4.

Ìdí tí ìbúgbàù kò fi lè yí ọ̀nà ojúkò yìí padà ni pé inú ọta fúnra rẹ̀ ni ipá ẹ̀tù ti wá. Bí àfọ́kù kan bá ti èkejì síwájú, èkejì náà ń tì í sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ kan náà, ipá méjèèjì sì dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí òfin kẹta Newton ti wí. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ipá tó ti ìta wá nìkan ló lè darí ojúkò náà, èyí tó sì wà níbẹ̀ ni òòfà ilẹ̀, tó ń fà á bó ṣe ń fà á tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọta kílò 6 kan tí a yìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nígbà tó dé òkè pátápátá, ó ga ní mítà 45, ó jìnnà sí àgbá ní mítà 60, ó sì ń sáré lọ síwájú ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá fọ́, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni yóò fi já bọ́ (bí a bá ka òòfà ilẹ̀ sí 10), yóò sì balẹ̀ ní mítà 120 sí àgbá. Ṣùgbọ́n ó bú gbàù níbẹ̀, ó pín sí kílò 2 àti kílò 4, ìbúgbàù náà sì dá kílò 2 dúró pátápátá. Ìwúwo ọta ní ìlọ́po eré rẹ̀ jẹ́ 120 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kílò 2 kò sì gbé nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, kílò 4 ni yóò gbé gbogbo rẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì di mítà 30. Kílò 2 já bọ́ tààrà sí mítà 60, kílò 4 balẹ̀ ní mítà 150, wọ́n sì jọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tí yóò jìnnà sí kílò 2 ní ìlọ́po méjì jíjìnnà rẹ̀ sí kílò 4 ni mítà 120 gan-an, ibi tí ọta odindi ì bá balẹ̀ sí.

Agbára ìsáré ní tirẹ̀ kò dúró bákan náà. Júùlù 1200 ló jẹ́ kí ọta tó fọ́, ó sì di 1800 lẹ́yìn náà. Inú ẹ̀tù ni 600 tó lé ti wá. Ẹni tó bá rò pé agbára ìsáré kò gbọ́dọ̀ yí padà yóò ṣi ìṣirò yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wà lára àwọn ipá tó ń ti ìta wá. Ó máa ń fa àfọ́kù kéékèèké sẹ́yìn ju ńlá lọ, nítorí náà ìṣirò yìí péye jù fún àfọ́kù tó wúwo tí kò sáré púpọ̀.

Ilẹ̀ náà wà lára wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ká ní ìbúgbàù náà tún ti kílò 2 sísàlẹ̀ ní mítà 12.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kílò 4 yóò gba títì sókè ní mítà 6.25. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2, kílò 2 ti kan ilẹ̀, kílò 4 ṣì wà ní mítà 37.5 lókè, ojúkò wọn sì wà ní mítà 25, bí ọta odindi ì bá ṣe wà. Láti ìgbà yẹn lọ, ilẹ̀ ti ń ti kílò 2 sókè, kò jẹ́ kó wọlẹ̀ mọ́, ọ̀nà ojúkò sì yí padà. Bíi ìṣẹ́jú àáyá 3.7 ni kílò 4 tó balẹ̀, nǹkan bí mítà 171 sí àgbá. Bí kílò 2 bá dúró síbi tó bọ́ sí, ojúkò wọn yóò wà ní nǹkan bíi mítà 134. Mítà 14 tó lé yìí kò ti ọwọ́ ẹ̀tù wá: ilẹ̀ ló fa àkókò ìjábọ́ ojúkò náà gùn ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 0.7, nígbà tí eré rẹ̀ síwájú ṣì jẹ́ mítà 20.