Kíìtì àyẹ̀wò ibà kan, síláìdì méjì: ti olùdókòwò àti ti NAFDAC

Ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe kíìtì àyẹ̀wò ibà tuntun ní Nàìjíríà yóò gbé àkójọ síláìdì lọ síwájú oríṣi èèyàn méjì: àwọn olùdókòwò tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò rà á, iye tí yóò rà á àti èrè tó wà níbẹ̀, àti àjọ NAFDAC tó fẹ́ mọ ohun tí kíìtì náà wà fún, ẹni tí yóò máa lò ó àti ìgbà tí yóò kùnà. Ó yẹ kí ètò síláìdì náà yàtọ̀ síra. Ọjà àti owó ló máa ń ṣáájú fún olùdókòwò, nígbà tó jẹ́ pé ìlò kíìtì àti ìwádìí ló máa ń ṣáájú fún àjọ.

Èrò kan wà tó máa ń bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nínú, òun ni pé ibi tó dára ni kí á fi han olówó, kí á sì fi àléébù sílẹ̀ fún àjọ. Iye kan ṣoṣo ti tó láti fi hàn bí èrò náà ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Ká ní wọ́n dán kíìtì náà wò lára èèyàn 210 tí maikirosikóòpù ti fi hàn pé ibà wà lára wọn. Mẹ́wàá nínú àwọn kíìtì náà kò fi ìlà tó yẹ kó yọ hàn, ìyẹn ìlà tó ń jẹ́rìí pé kíìtì ṣiṣẹ́, nítorí náà èsì wọn kò ṣeé kà. Nínú 200 tó kù, kíìtì rí ibà lára 190. Ẹni tó bá fi 200 ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò yóò rí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi 210 ṣe é yóò rí nǹkan bí 90 àti ààbọ̀. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Irọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí 95 bá dá nìkan wà lójú síláìdì olùdókòwò, tí 90 àti ààbọ̀ sì wà nínú ìwé NAFDAC, tí kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Lójú síláìdì tó tọ́, gbólóhùn kékeré kan yóò wà lábẹ́ 95 pé: «190 nínú èsì 200 tó ṣeé kà, kíìtì 10 kò ṣiṣẹ́.» Olùdókòwò kò ní tìtorí ìyẹn sá lọ. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò ṣáà béèrè ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí àjọ kí wọ́n tó jẹ́ kó san kọ́bọ̀.

Ohun mìíràn tún fara pamọ́ sínú 95 yẹn. Ká ní 40 nínú 200 náà ní kòkòrò ibà díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tó kéré sí 200 nínú ìwọ̀n maikirolítà kan. Bí kíìtì bá rí 32 nínú wọn, 80 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tó rí 158 nínú 160 yòókù. Lójú àjọ, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí, nítorí pé ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kò pọ̀ ni àyẹ̀wò máa ń fò. Wọn yóò fẹ́ tábìlì tó pín in. Gbólóhùn kan tó sọ ààlà náà tó fún olùdókòwò, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Bí a ṣe ń dáàbò bo èyí rọrùn, ó sì mọ́gbọ́n dání. Kí ẹnikẹ́ni tó ya síláìdì kankan, wọn yóò ṣe ìwé òtítọ́ kan tí iye kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: iye náà, iye èèyàn tí a fi ṣe ìpìlẹ̀, ipò tí a ti wọ̀n ọ́n, ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Inú ìwé yìí ni síláìdì méjèèjì ti ń mú iye wọn. Bí yàrá àyẹ̀wò bá tún èsì aláìsàn méjì ṣe, ìwé náà ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà síláìdì méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á tún ti àjọ ṣe, ti olówó á sì máa rìn kiri inú ímeèlì pẹ̀lú iye àtijọ́.

Síbẹ̀, ìṣirò kọ́ ló máa ń dá ìjà tó burú jù sílẹ̀, bí kò ṣe gbólóhùn tó sọ ẹni tí kíìtì wà fún. Síláìdì olùdókòwò máa ń fẹ́ sọ pé «fún gbogbo ilé», nítorí pé ọjà ilé tóbi. Ìwé àjọ a sì sọ pé «fún òṣìṣẹ́ ìlera». Kì í ṣe ohun kan náà ni a sọ níbẹ̀ yẹn. Kíìtì tí ìyá yóò fi gún ìka ọmọ rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ ní ìwádìí tirẹ̀, tí àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ ìlera ti lò ó, tí wọ́n sì ti ka èsì fúnra wọn. Bí ìwádìí náà kò bá tíì wáyé, ohun tí síláìdì olówó lè sọ ni pé ilé-iṣẹ́ ń pète ọjà ilé, pẹ̀lú owó àti àkókò tí ìwádìí yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀: ìwé tí a ti fi ránṣẹ́ kì í ṣe ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí.

Kí síláìdì méjèèjì tó jáde, ẹnì kan tí kò bá wọn kọ ọ́ yóò to gbogbo iye àti gbogbo ìlérí inú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì wá ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde nínú ìwé òtítọ́. Èyí tí kò bá rí ìlà rẹ̀ yóò kúrò lójú síláìdì, bó ti wù kó dùn tó létí olùdókòwò.